Bí Mo Ṣe Ń Ka Ìwé Àdéhùn Ilé ní Àbújá

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Wúsé. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ilé ló ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá, àwọn kan jẹ́ èyí tí a tẹ̀ fún onílé, àwọn mìíràn jẹ́ èyí tí ayálégbé gbé wá pé kí ọ̀gá mi bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ládùúgbò wa ní Kúbwà máa ń mú ìwé tiwọn wá bá mi nílé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè: ṣé onílé lè fi owó kún owó ilé nígbà tó bá wù ú, oṣù mélòó ni wọ́n ní láti fún àwọn kí àwọn tó kó jáde, àti ọ̀nà wo ni owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí onílé ń dì mú nítorí ìbàjẹ́, fi máa padà bọ̀ sọ́wọ́ àwọn. Mo ti wá rí i pé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í dá dúró nínú ìwé. Ẹni tó bá ka ọ̀kan láìka èkejì mọ́ ọn kò tíì ka ìkankan, nítorí pé ohun tí ojú ìwé kejì fi fún ayálégbé, ojú ìwé kẹfà lè gbà á padà.

Ìwé kan tí mo kà dáadáa ni ti Bàbá Ìbejì, télọ̀ kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti gbé ní Kàdúná tipẹ́ kó tó kó ẹbí rẹ̀ wá sí Àbújá. Yàrá méjì àti pálọ̀ ló fẹ́ gbà ní Kúbwà ní ọdún 2023. Owó ilé jẹ́ ₦800,000 lọ́dún, owó kọ́ṣọ̀n jẹ́ ₦100,000, ejẹ́ǹtì àti lọ́yà onílé sì fẹ́ gba ìdá 10 nínú 100 owó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wọ́pọ̀ níbí. Ó ti fi owó sílẹ̀ nínú àpamọ́wọ́, ó ku kó fọwọ́ síwèé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò ní fowó kún un títí ọdún méjì. Ẹ kàn bá mi wò ó fìrì.” Mo sọ fún un pé kó jókòó, nítorí ìwé tó bá ti ní irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ní iwájú ló yẹ kéèyàn wo ẹ̀yìn rẹ̀ jù.

Kì í ṣe owó ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mo máa ń wá ibi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, màá sì kọ méjèèjì sórí bébà lọ́tọ̀. Ti Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ìwé náà sọ pé ọdún kan péré ni, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin. Kò sọ pé yóò máa lọ láti ọdún dé ọdún títí tí ẹnì kan yóò fi sọ pé ó tó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò hàn lójú ẹni tó ń wá ilé, ṣùgbọ́n òun ni àwọn gbólóhùn tó kù rọ̀ mọ́, màá sì dé ibẹ̀ tí mo bá kan ọ̀rọ̀ nótíìsì.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá lọ sórí àfikún owó. Ìlérí tí Bàbá Ìbejì rí wà ní ìpínrọ̀ owó ilé, ó sì sọ pé a kò ní ṣe àtúnyẹ̀wò owó ilé títí ọdún méjì yóò fi pé. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n àdéhùn fúnra rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ, nítorí náà ọdún kejì kò sí nínú rẹ̀ àfi tí wọ́n bá tún un ṣe. Ìpínrọ̀ tó sì sọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe wà ní ojú ìwé kẹfà, lábẹ́ àkọlé tó kàn sọ pé ohun tí àwọn méjèèjì jọ gbà nìyí. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ayálégbé bá fi ìwé béèrè ní oṣù mẹ́ta ṣáájú òpin, tí kò sì jẹ gbèsè, tí kò sì rú òfin kankan nínú àdéhùn, onílé yóò fún un ní ọdún kan sí i, ní iye tí yóò fi ìdá 20 nínú 100 ju owó àtijọ́ lọ tàbí ní iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ní àdúgbò náà lásìkò náà, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Mo ní kí Bàbá Ìbejì ka gbólóhùn ìparí yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdá 20 lórí ₦800,000 jẹ́ ₦160,000, èyí tí yóò mú owó ilé di ₦960,000. Ẹni tó bá yára kà á yóò rò pé ₦960,000 ni òkè tí owó náà lè dé. Kì í ṣe òkè rárá, ìsàlẹ̀ ni. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá di ₦1,300,000 ní Kúbwà nígbà náà, ₦1,300,000 ni ìwé náà ní kó san, bí ọjà bá sì rọ̀, ₦960,000 náà kò ní rọ̀. Ìlérí ọdún méjì tó wà níwájú kò lè gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, torí lọ́yà onílé yóò sọ pé àtúnyẹ̀wò owó láàárín àdéhùn ni ìyẹn ń sọ, pé àdéhùn tuntun sì ni ti ọdún kejì. Ó ṣeé jiyàn sí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa ti ìdí owó ilé lọ sí kóòtù?

Ìwé mìíràn kì í tilẹ̀ dárúkọ iye kankan. Wọ́n á kàn kọ ọ́ pé owó ilé tuntun yóò jẹ́ iye tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò sí. Èyí máa ń dùn mọ́ àwọn ayálégbé nínú nítorí ó dà bíi pé wọ́n ní ẹnu níbẹ̀. Lójú tèmi, kò wúlò tó bí wọ́n ṣe rò ó. Àdéhùn pé a ó ṣe àdéhùn lọ́jọ́ iwájú kò de ẹnikẹ́ni lókùn. Bí onílé bá dárúkọ iye tó ga, tí ayálégbé sì kọ̀, ohun tó kù ni pé ọdún parí, ìfẹnukò kò sì sí. Òótọ́ ni pé onílé kò lè dá nìkan yí owó ilé padà nígbà tí ọdún tí a ti san owó rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́, àyàfi bí ìwé bá fún un láyè. Ṣùgbọ́n ní òpin ọdún, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti má tún àdéhùn náà ṣe.

Ohun tí mo bá Bàbá Ìbejì kọ láti mú lọ bá ejẹ́ǹtì kò ju gbólóhùn méjì lọ. Èkíní sọ pé bí ayálégbé bá béèrè ọdún kejì lásìkò, owó ilé ọdún náà yóò wà ní ₦800,000. Èkejì sọ pé láti ọdún kẹta, bí wọ́n bá fẹnu kò láti máa bá a lọ, àfikún kò ní ju ìdá 20 nínú 100 owó tí wọ́n san kẹ́yìn, kò sì ní wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì. Mo ní kó rí i dájú pé wọ́n yọ “èyí tó bá pọ̀ jù” kúrò. Onílé, Alájì kan tó ń gbé ní Mínà, kò bínú sí i. Ó sọ fún ejẹ́ǹtì pé gbogbo nǹkan ló ń gbówó lórí, pé ìdá 20 kò tó, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ìdá 25. A ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ₦1,000,000 fún ọdún kẹta àti ìkẹrin, ₦1,250,000 fún ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iye tó ń bọ̀ lè máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀.

Orí ọ̀rọ̀ nótíìsì ni àwọn èèyàn ti máa ń gbé òfin Èkó wá sí Àbújá. Wọ́n á ní, “Oṣù mẹ́fà ni òfin wí.” Òfin ilé gbígbé ti Èkó ọdún 2011 kò dé ibí. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Olú-ìlú Àpapọ̀ ni òfin gbígba ilé padà, èyí tó jẹ́ orí 544 nínú àkójọ òfin Àbújá ti ọdún 1990. Ó sọ pé níbi tí kò bá ti sí àdéhùn lórí rẹ̀, ẹni tó ń gbélé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yóò gba nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń gbé e lóṣooṣù yóò gba oṣù kan, ẹni tó ń san owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta yóò gba oṣù mẹ́ta, ẹni tó sì ń gbé e láti ọdún dé ọdún yóò gba ìdajì ọdún. Níbi tí kò bá ti sí àdéhùn, ìyẹn ni kókó ibẹ̀. Bí ìwé tí èèyàn fọwọ́ sí bá ti sọ pé oṣù kan ni, oṣù kan náà ni.

Oṣù kan ni wọ́n sì kọ sínú ti Bàbá Ìbejì. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí a kúkú fa igi sí gbogbo ìpínrọ̀ náà, kí òfin lè fún òun ní oṣù mẹ́fà. Ìgbà náà ni mo padà sórí bébà tí mo kọ ọjọ́ sí. Àdéhùn tó ti dá òpin ara rẹ̀ sọ́nà kò nílò ìwé mìíràn tí yóò sọ fún ayálégbé pé ó ti parí. Bí ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún bá ti kọjá tí wọn kò tún un ṣe, tí onílé kò sì gba owó tuntun, ìwé ọjọ́ méje péré ló kù, èyí tí onílé fi ń sọ pé òun fẹ́ lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Bí a bá fa igi sí ìpínrọ̀ náà, kò dájú rárá pé oṣù mẹ́fà ló máa rí gbà. Ó lè jẹ́ ọjọ́ méje. Ó san kí a kọ iye oṣù síbẹ̀ kedere, kí a sì kọ pé ó kan òpin ọdún pẹ̀lú: onílé tí kò bá fẹ́ tún àdéhùn ṣe gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ayálégbé tó bá fẹ́ lọ náà sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kékeré kan wà tí a tún fi kún un. Ìwé náà sọ pé kí nótíìsì wà ní kíkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ayálégbé yóò gbé tirẹ̀ lọ. Mínà ni Alájì wà, ejẹ́ǹtì sì lè yí ọ́fíìsì padà. A kọ àdírẹ́sì Alájì síbẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù tí a lè fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí i ní wásáàpù, a sì kọ ọ́ pé ọjọ́ tí fọ́tò náà bá dé ni nótíìsì bẹ̀rẹ̀. Láìsí èyí, iyàn lórí ọjọ́ tí ìwé dé lè gbé èèyàn kọjá oṣù mẹ́ta náà.

Owó kọ́ṣọ̀n ló gbà wá lákòókò jù. Ìpínrọ̀ tirẹ̀ sọ pé wọn yóò dá a padà lẹ́yìn tí ayálégbé bá ti kó jáde pátápátá, tó ti san gbogbo owó iná, omi àti ilẹ̀ gbígbá, tó ti tún ilé kùn, tí onílé sì ti yẹ ilé wò tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò sọ ọjọ́ mélòó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ayálégbé tí kò bá fún onílé ní nótíìsì oṣù mẹ́ta ti pàdánù owó náà. Oṣù mẹ́ta! Ìpínrọ̀ nótíìsì tiwọn fúnra wọn sọ pé oṣù kan. Ìyẹn ni pé Bàbá Ìbejì lè ṣe ohun gbogbo bí ìpínrọ̀ nótíìsì ṣe wí, kí ìpínrọ̀ kọ́ṣọ̀n sì jẹ ₦100,000 rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti da àwọn ìpínrọ̀ wọ̀nyí kọ, mo ti rí i lọ́fíìsì wa rí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ayálégbé ni ìyà rẹ̀ máa ń wá sí. Nígbà tí a ti sọ nótíìsì di oṣù mẹ́ta fún àwọn méjèèjì, ìtakora yẹn kúrò nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títún ilé kùn àti ìtẹ́lọ́rùn onílé la wá fojú sí. Ògiri tí ọmọ méjì ti ń fọwọ́ pa fún ọdún méjì kò lè rí bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kùn ún, kò sì yẹ kí ayálégbé sanwó ìgbó tí ilé ń gbó fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ìbàjẹ́ tí lílò ojoojúmọ́ bá fà kò sí lọ́rùn ayálégbé, pé títún ilé kùn jẹ́ ti ayálégbé kìkì bí wọ́n bá fi ọ̀dà tuntun gbé ilé fún un, pé owó tó bá kù yóò padà láàárín ọjọ́ 30, àti pé ohunkóhun tí onílé bá yọ gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì. A tún ní kí wọ́n kọ ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ejẹ́ǹtì ló gbà á, rìsíìtì rẹ̀ sì da owó ilé àti kọ́ṣọ̀n pọ̀ mọ́ra ní ₦900,000. Wọ́n tún un ṣe ní méjì, Alájì sì fọwọ́ sí ti kọ́ṣọ̀n fúnra rẹ̀.

Gbogbo èyí kò ní ìtumọ̀ bí kò bá sí ẹ̀rí bí ilé ṣe wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo bá Bàbá Ìbejì àti ọmọ iṣẹ́ ejẹ́ǹtì lọ síbẹ̀ kó tó kó ẹrù wọlé. Yàrá kan lẹ́yìn òmíràn la ń gbà, a sì ń kọ ọ́ bí a ṣe ń rí i: táǹkì omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti là ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yàrá kejì ti ya, ọ̀dà pálọ̀ ti ń ṣí lẹ́bàá ilẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì wà ní pípé. A tẹ nọ́ńbà mítà iná wò láti mọ̀ bóyá gbèsè ẹni àtijọ́ wà lórí rẹ̀, torí tó bá wà, inú káàdì tí ẹni tuntun bá rà ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń kùn pé a ń fi àkókò òun ṣòfò, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí ẹ̀dà méjèèjì. A ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, a sì fi ránṣẹ́ sí Alájì lójú ẹsẹ̀ kí ọjọ́ lè hàn lórí rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, kí oṣù náà tó parí, Bàbá Ìbejì fi ìwé béèrè ọdún kejì. Bí ó bá dúró di oṣù kẹta ni, ọdún náà kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ejẹ́ǹtì pè é pé ilé ti di ₦1,300,000 ládùúgbò. Ó fi fọ́tò ìpínrọ̀ náà ránṣẹ́ sí i, ó sì san ₦800,000. Ọdún kẹta ni ìwé náà kò lè ràn án lọ́wọ́ lórí rẹ̀: ní ìparí oṣù kejì ọdún 2025, Alájì kọ̀wé pé òun fẹ́ fi ilé náà fún ọmọ òun tó fẹ́ gbéyàwó. Ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọdún kẹta rọ̀ mọ́ ìfẹnukò. Ohun tí oṣù mẹ́ta náà ṣe fún Bàbá Ìbejì ni pé ó rí ilé mìíràn ní Dútsè ti Àbújá níbí kó tó di ọjọ́ tí yóò kó jáde.

Nígbà tó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ejẹ́ǹtì ka ohun tí wọ́n fẹ́ yọ nínú ₦100,000 náà: ọ̀dà ilé, táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì tó ti jóná. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ jáde, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì já síbẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kù, ti Bàbá Ìbejì sì ni lóòótọ́, nítorí áyọ́ọ̀nù iṣẹ́ rẹ̀ ló jó o. Wọ́n yọ ₦10,000 pẹ̀lú rìsíìtì oníná, ₦90,000 sì wọ àkáǹtì rẹ̀ kí ọjọ́ 30 tó pé.